Lẹ́tà 80 péré: ohun tójú mi rí nídìí ọ̀rọ̀ áàpù owó oṣù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kó má baà ṣe ẹlòmíì bó ṣe ṣe mí. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mò ń kọ jẹun l'Ákùrẹ́ níbí, jíńgù rédíò, pósítà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ náà ni. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin méjì kan tí wọ́n jáde ní FUTA wá bá mi, wọ́n ti kọ áàpù kan tó ń bá èèyàn ṣètò owó oṣù, wọ́n wá ní kí n bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lójú ẹ̀ lórí Google Play, ìyẹn gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní tágíláìnì àti àlàyé gígùn tó máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù ni wọ́n fojú sùn: tíṣà, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, àwọn kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì. A dúnàádúrà sí ₦150,000, wọ́n san ìdajì sílẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà. Ìdajì tí wọ́n san yẹn, ₦75,000, kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi tó fi tán, èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ áàpù ìṣúná o. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ jíńgù. Tágíláìnì tí mo kọ́kọ́ gbé fún wọn rèé, mi ò yọ nǹkan kan kúrò: "Áàpù nọ́ńbà wan fún ìṣètò ìnáwó, ìfowópamọ́ àti òmìnira ìṣúná owó fún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà". Mo kà á sókè nínú yàrá, orí mi wú. Àbúrò tó ń kọ kóòdù wá lẹ̀ ẹ́ sójú ibi tó yẹ kó wà nínú Play Console, ibi tí wọ́n kọ Short description sí, ẹ̀rọ ní rárá, àyè 80 ló wà, 96 ni tèmi. Mo ní irọ́ ni, mo fọwọ́ kà á lórí ìwé, mo rí 91. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ó wá ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tẹ nǹkan kékeré kan tó ń ka iye lẹ́tà fún mi:

```
>>> len("ọ")
1
>>> len("ọ́")
2
```

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí nìyẹn. Ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ nìkan, ẹyọ kan ni lójú ẹ̀rọ, àmọ́ tó bá tún ní àmì ohùn lórí, ó di méjì, torí pé àmì ohùn yẹn dá dúró bíi lẹ́tà mìíì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ àti ọ̀ ṣe rí. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń kà á o. Àwọn kíbọ́ọ̀dù míì sì wà tí wọ́n máa ń ya á àti è gan-an sí méjì, ẹ á rò pé àyè ṣì kù, kò kù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá tó lámì sójú irú ibẹ̀, kó yáa máa kà á lórí ẹ̀rọ, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gígùn ẹ̀ nìkan ló burú. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò sọ nǹkan kan tí áàpù náà ń ṣe. "Òmìnira ìṣúná owó", kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an? Mo ti kọ irú ẹ̀ fún ilé ìfowópamọ́, fún oníṣẹ́ ìkọ́lé, fún alágbo jẹ̀dí. Ó bá gbogbo wọn mu, ìyẹn ni pé kò bá ẹnì kankan mu.

Mo gé e kúrú, wọ́n bá fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Orúkọ áàpù ni mo wá bà jẹ́ ní tèmi. Àyè 30 ni Google Play fi sílẹ̀ fún orúkọ, mo wò ó pé orúkọ áàpù náà kò ju lẹ́tà mẹ́fà lọ, àyè tó kù ń dùn mí, mo ní kí wọ́n fi "Nọ́ńbà 1" àti "Ọ̀fẹ́" kún un lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe lórí pósítà. Wọ́n dá a padà fún wa. Òfin wọn ni pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ ipò, bíi èyí tó dáa jù tàbí nọ́ńbà kan, àti ọ̀rọ̀ iye owó bíi ọ̀fẹ́, kò gbọ́dọ̀ sí nínú orúkọ áàpù. Àbúrò yẹn wá ń ka òfin náà lọ, ìgbà yẹn ló tún rí i pé wọn ò gba ẹ̀rí oníbàárà tí kò lórúkọ nínú àlàyé gígùn, ó bá wo ojú mi. Mo ti kọ mẹ́ta síbẹ̀. "Áàpù yìí ti yí ayé mi padà, ó ń bá mi gbé e." Ta ló sọ ọ́? Èmi ni mo sọ ọ́ nínú yàrá mi l'Ókè-Àró. A yọ ọ́ kíákíá, a yọ gbogbo ibi tí mo ti ń pe "ìṣúná" tò tẹ̀lé ara wọn náà, torí ẹnì kan ló sọ fún mi pé Play máa ń wá ọ̀rọ̀ nínú àlàyé gígùn, èmi bá rò pé béèyàn bá ti pe ọ̀rọ̀ kan tó náà ló máa tètè jáde tó. Òótọ́ ni pé ó ń wá a níbẹ̀, àmọ́ àtúnpè àtúnpè gan-an wà lára ohun tí wọ́n máa fi dá áàpù padà.

Ìgbà yẹn ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo ní kí n lọ wo àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ náà.

Bùkátérìà kan wà lọ́nà Alágbàká, oníyán ni màmá náà, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ya bo ibẹ̀ lọ́sàn-án. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù mi kó rí bó ṣe máa rí lójú Google Play gan-an, àwòrán áàpù lókè, orúkọ, àwòrán mẹ́ta, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan yẹn. Ẹ mọ̀ pé àlàyé gígùn kì í hàn o, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ About this app kó tó ṣí. Nítorí náà gbólóhùn kan yẹn ló máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀, òun nìkan. Mo máa na fóònù sí èèyàn, mo máa ka ení títí dé àrún nínú mi, màá gbà á padà, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé áàpù yìí ń ṣe?"

Arábìnrin kan tó jọ pé tíṣà ni, iyán ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, wò ó, ó ní, "Ṣé kì í ṣe lóònù áàpù báyìí? Ẹ gbà, mi ò fẹ́." Mo ní rárá o àǹtí, kì í ṣe lóònù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń sọ. Àbúrò mi yá ₦15,000, wọ́n fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù ẹ̀, títí kan pásítọ̀ wa, pé olè ni." Àwọn mẹ́ta tó jókòó tì í ń mi orí, ìkan nínú wọn ní tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Nínú èèyàn mọ́kànlá tí mo na fóònù sí lọ́jọ́ yẹn, mẹ́fà ló pè é ní lóònù áàpù. Mẹ́fà! Kò sì sí ibi tí mo ti dárúkọ lóònù o. Mo kàn sọ̀rọ̀ owó, mo sọ ọ́ dídùn, mo fi àwọ̀ ewé sí i. Fún wa níbí, ohun tó bá ń sọ̀rọ̀ owó dídùn lórí fóònù, gbèsè ló wà nídìí ẹ̀.

Ohun kejì tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni mo fi kọ tágíláìnì tó dúró. Mo bi ọkùnrin kan pé tí owó oṣù ẹ̀ bá ń tán lọ, báwo ló ṣe máa ń mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò kì í mọ̀. Yóò kàn tán sí mi lọ́nà ni. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù, mo wà ní Roodì Bílọ́ọ̀kì, ọlọ́kadà ń dúró dè mí, mo ṣe tíráńsífà, kò lọ, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Owó ló tán." Kò sọ pé òun fẹ́ fowó pamọ́. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ohun tí gbogbo wọn ń bi ara wọn láàárọ̀ ni pé, ṣé mo lè ra ẹran sí i lónìí? Áàpù náà sì ń dáhùn ìbéèrè yẹn gan-an, èmi ni mi ò wò ó dáadáa: èèyàn á kọ ohun tó jẹ́ dandan sínú ẹ̀, yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù, yóò pín ìyókù fún iye ọjọ́ tó kù, yóò fi nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn ẹ láàárọ̀.

Mo délé, mo kọ: "Mọ iye tó o lè ná lónìí, kí owó oṣù má bàá tán lọ́nà". 51 lójú mi, 52 lójú ẹ̀rọ. Mo padà lọ sí bùkátérìà lọ́jọ́ kejì, mo na fóònù sí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Èyí àkọ́kọ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tán lọ́nà ló pè é?" Ó wá ní, "Ó máa ń sọ iye tí mo lè ná." Mo ní kí wọ́n bù iyán sí i fún un.

Ó yẹ kí ìtàn parí síbí, àmọ́ ibi tó dùn mí jù ló kù.

Áàpù náà máa ń ka mẹ́sééjì àlẹ́ẹ̀tì báǹkì. Bí báǹkì bá fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ pé ₦2,500 ti jáde, áàpù á rí i, á yọ ọ́, èèyàn ò ní máa fọwọ́ tẹ gbogbo nǹkan. Àṣẹ tó ń lò fún un ni READ_SMS. Èmi tí mo ti gbọ́ ohun tí àǹtí tíṣà sọ nípa mẹ́sééjì àti pásítọ̀, ẹ̀rù bà mí, mo ní kí n má mẹ́nu kàn án rárá nínú àlàyé. Mo rò ó pé tí wọ́n bá ti fi sórí fóònù tán, tí wọ́n bá ti gbádùn ẹ̀, wọ́n á gbà á láyè. Mo pè é ní ọgbọ́n nígbà yẹn.

Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Google kì í fi READ_SMS ṣeré, kì í ṣe gbogbo áàpù ló lè béèrè ẹ̀, fọ́ọ̀mù wà tí wọ́n máa kọ láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Áàpù tó ń fi mẹ́sééjì ṣètò owó wà lára àwọn tí wọ́n lè gbà láyè. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ tó bá mú kí áàpù béèrè irú àṣẹ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ ẹ̀, kó sì hàn gbangba nínú àlàyé tó wà lójú sítọ́ọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ fọ́ọ̀mù dáadáa, wọ́n ní olórí iṣẹ́ áàpù ni. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò wá ka àlàyé tí mo kọ, kò rí mẹ́sééjì níbì kankan. Ohun tí mo fi pa mọ́ kí ẹ̀rù má baà ba èèyàn ló já wa kulẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù nìyẹn. A ti fojú sí i pé kó jáde ṣáájú ọjọ́ 27, torí ìgbà tí owó oṣù bá ń wọlé ni èèyàn máa ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò bá a. Àbúrò kejì, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò bá mi jà, ó kàn dákẹ́ lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Ó sàn kó bú mi.

Mo wá jókòó kọ apá mẹ́sééjì náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni: "A ò lè ka mẹ́sééjì ẹ yòókù, ti báǹkì nìkan la lè kà." Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ kóòdù, ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òótọ́ kọ́ nìyẹn. Ó ní àṣẹ yẹn ò ní ìdajì: tí fóònù bá ti fún áàpù láyè, gbogbo mẹ́sééjì ló ṣí sílẹ̀ fún un, ti báǹkì, ti ọ̀rẹ́bìnrin, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Áàpù tiwọn kàn ń wo orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni, tí kì í bá ṣe báǹkì, á fò ó kọjá. Nítorí náà kì í ṣe "a ò lè", "a kì í" ni. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ kékeré yìí náà ni, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé tí mo bá ní mi ò lè jí ẹran nínú ìkòkò yín, àti tí mo bá ní mi ò kì í jí i, ìkan náà ni? Ẹnu mi wọ̀.

Bó ṣe wá dúró rèé, ìlà àkọ́kọ́ títí dé ibi mẹ́sééjì:

"Owó oṣù ẹ wọlé. O yọ àjọ, o yọ owó mọ́tò, o fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Èló ló kù tó o lè ná lónìí? Ohun tí áàpù yìí ń sọ fún ẹ láràárọ̀ nìyẹn.

A kì í yáni lówó. A kì í fọwọ́ kan owó tó wà ní báǹkì ẹ, a kì í sì í béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì ẹ.

Tó o bá gbà wá láyè, áàpù yìí á máa ka mẹ́sééjì àlẹ́ẹ̀tì tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí ẹ, kó lè mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. A kì í ka mẹ́sééjì yòókù. Orí fóònù ẹ ni gbogbo ẹ̀ ń parí sí. Tó ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, máa tẹ ìnáwó ẹ fúnra ẹ, áàpù á ṣì ṣiṣẹ́."

Ẹ wo bí "a kì í yáni lówó" ṣe wà lókè, kí wọ́n tó gbọ́ mẹ́sééjì. Mo kọ́kọ́ fi í sísàlẹ̀, àǹtí tíṣà yẹn (a ti di ojúlùmọ̀ báyìí) ló ní tóun bá kọ́kọ́ rí mẹ́sééjì, òun ò ní ka ìyókù. Gbólóhùn "orí fóònù ẹ" yẹn náà, mi ò kọ ọ́ títí wọ́n fi fi dá mi lójú pé kò sí ibi tí wọ́n ń kó o lọ, torí fọ́ọ̀mù mìíì wà tí wọ́n ń pè ní Data safety, ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ máa ń hàn lójú sítọ́ọ̀, tó bá yàtọ̀ sí tèmi, èèyàn á rí i pé ẹnìkan ń purọ́ nínú wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi àpẹẹrẹ kan sí i, torí nọ́ńbà máa ń yé èèyàn ju ìwàásù lọ. Owó oṣù ₦95,000. Àjọ ₦20,000, owó mọ́tò ₦18,000, ìyá nílé ₦10,000, dátà àti iná ₦8,000, gbogbo ẹ̀ ₦56,000. Ó ku ₦39,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦1,300 lójúmọ́. Tó o bá ná ₦2,500 lónìí, ayé ò bàjẹ́, láti ọ̀la lọ ₦1,258 ni. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ kí n fi owó oṣù ₦300,000 sí i kó lè gbayì, mo ní ta lẹ mọ̀ l'Ákùrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń gba ìyẹn? Ẹni tó ń gba ₦95,000 tó bá rí ₦300,000, yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí.

Wọ́n gbà á wọlé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìràwọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́sééjì ni, kì í ṣe òun. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé, "Áàpù opùrọ́, mo ní owó lápò, ó ní mi ò ní." A wò ó, a rí i pé òun ló jàre. Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà àpẹẹrẹ yẹn náà. Ó ku ₦39,000. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o lọ sọ́dọ̀ oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, o gba ₦10,000 sọ́wọ́ nítorí ọjà. Àlẹ́ẹ̀tì dé, áàpù rò pé o ti ná an tán, ó pín ₦29,000 fún ọjọ́ 29, ó ní ₦1,000 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ₦3,000 péré lo ná nínú ẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, ₦7,000 ṣì wà nínú àpò ẹ. Ìyẹn mà ju owó ọjọ́ márùn-ún lọ tó sọ nù lójú ẹ̀! Níbi tí ata, epo àti ọkadà ti jẹ́ owó ọwọ́, gbogbo èèyàn ló máa rí i.

Àléébù kóòdù ni, àmọ́ ti ọ̀rọ̀ mi náà ni. Mo ti kọ ọ́ síbi kan pé áàpù náà "mọ gbogbo ibi tí owó ẹ ń lọ". Kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti sọ ààlà ẹ̀ látilẹ̀, ọkùnrin yẹn ò ní pè é lópùrọ́, á kàn pè é ní áàpù tí kò tíì pé. Mo yọ gbólóhùn yẹn, mo fi èyí sí i: "Owó tó o bá gbà sọ́wọ́, a máa rí i pé ó jáde ní báǹkì, àmọ́ a ò lè mọ ohun tó o fi rà tàbí iye tó kù lápò ẹ, àfi tó o bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀." "A ò lè" gidi lèyí o. Nígbà tó yá wọ́n fi bọ́tìnì owó ọwọ́ kan sí i, tí àlẹ́ẹ̀tì pí-ó-ẹ́ẹ̀sì bá dé, á bi ẹ́ bóyá ìnáwó ni tàbí o kàn gbé e sápò.

Ẹnì kan ti bi mí bóyá a kò dán gbólóhùn méjì wò lórí Google Play fúnra ẹ̀, torí ó ní ibi tí wọ́n ti lè fi ìkan han ìdajì àwọn tó bá wá, kí wọ́n fi ìkejì han ìdajì yòókù. A ṣe é. Àwọn tó ń wá sójú áàpù wa lójúmọ́ kò tó nǹkan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé òun ò tíì rí èyí tó borí. Ó dáa fún ẹni tó ti ní èrò. Fún wa, iyán àti fóònù tí mò ń nà sí èèyàn ló yá jù. Tí ẹ bá sì ń lọ sí ti áífóònù, ẹ má kàn da ohun kan náà síbẹ̀: gbólóhùn kékeré abẹ́ orúkọ níbẹ̀, àyè 30 ni, tágíláìnì wa ò wọ ibẹ̀ rárá, a ní láti gé e di "Mọ iye tó o lè ná lónìí", 23. Wọn kì í sì í wá ọ̀rọ̀ nínú àlàyé gígùn tiwọn, àpótí ọ̀tọ̀ wà fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi wá ẹ, àyè 100.

Wọ́n san ìyókù owó mi lọ́jọ́ Ẹtì kan, ₦75,000. Mo ti fi áàpù náà sórí fóònù èmi náà nígbà yẹn, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí àlẹ́ẹ̀tì wọlé tó ti rí i. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọjọ́ wo ni owó oṣù ẹ máa ń wọlé?" Mo wò ó títí. Èmi tó jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ni owó ń dé, ọjọ́ wo ni kí n tẹ̀? Mi ò lè kọjá ojú ibẹ̀, kò sí bọ́tìnì "mi ò mọ̀". Mo pe àbúrò tó ń kọ kóòdù, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní àwọn ò ronú kan irú yín. A tún ṣí àlàyé gígùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a fi ìlà kan sí i lábẹ́ "a kì í yáni lówó": "Ẹni tó ń gba owó lọ́jọ́ kan pàtó lóṣooṣù la ṣe é fún. Tí owó ẹ bá ń wọlé lójijì, kò tíì bá ẹ mu."